Ẹnu oníbàárà ni bọ́tìnì: ọ̀rọ̀ tó yẹ lórí bọ́tìnì ọjà ẹ̀dínwó ìparí oṣù kọkànlá

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bàtà ni mò ń tà lórí ìkànnì. Nígbà ọjà ẹ̀dínwó ìparí oṣù kọkànlá tó kọjá, bí èèyàn 9,000 ló wọ ojú-ewé mi. 2,100 nínú wọn tẹ bọ́tìnì 'RÀ Á BÁYÌÍ!!!' tó wà lókè, àmọ́ 60 péré ló rajà. Ohun kan náà ni gbogbo bọ́tìnì tó kù ń sọ. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ sí i ní 2026 tí wọ́n á fi rà? Àbí kí n sọ ọ́ di pupa ni?"

Àbúrò, jẹ́ ká fi ti àwọ̀ pupa sílẹ̀ ná. Bọ́tìnì tí èèyàn 2,100 tẹ̀ kò fara sin rárá, wọ́n rí i, ó sì wù wọ́n láti tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti yẹ ká wá ẹni tó jí ọjà gbé ni ẹ̀yìn bọ́tìnì, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kan án.

Mo wọ ojú-ewé náà láti orí fóònù mi, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà eré ìje dúdú tó wà nínú àwòrán ńlá òkè yẹn. Mo tẹ "RÀ Á BÁYÌÍ!!!". Bàtà 140 ló tò sí iwájú mi, bàtà ọmọdé ló sì ṣáájú wọn. Mo wá dúdú yẹn títí, mo rí i, mo tẹ "RÀ Á BÁYÌÍ!!!" tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé mi lọ sí ojú-ewé bàtà náà gan-an, níbi tí "RÀ Á BÁYÌÍ!!!" mìíràn ti ń dúró dè mí. Mo tẹ ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ pupa kan yọ pé "Àṣìṣe: kò sí sáìsì". Ta ló bi mí ní sáìsì? Mo mú 42, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó yí padà lójú mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé òǹkà kékeré igun òkè ti kúrò ní 0 ó ti di 1. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀, mo tẹ "RÀ Á BÁYÌÍ!!!" ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní kí n kọ́kọ́ ṣí àkántì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti sọ pé mò ń rà á, n kò sì tíì ra nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà wà. Ìlérí kékeré ni ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì jẹ́ nípa ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ìwọ ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní ìparí. "Rà á" tó gbé èèyàn lọ sí ibi tí kò ti lè rà ti pa irọ́ kan. Èyí tó tẹ̀ lé e pa ìkejì. Bó bá fi máa dé ìkẹta, oníbàárà ò gba bọ́tìnì rẹ gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ iwájú ló ṣì máa ní kó kó káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìkànnì mẹ́wàá mìíràn ṣí sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pariwo ẹ̀dínwó, kì í dúró bá ọ ṣàlàyé. Ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe kọ́kọ́ ni kó o fún bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ àwòrán òkè lè jẹ́ "Wo bàtà eré ìje", kó sì gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ bàtà eré ìje nìkan, pẹ̀lú dúdú inú àwòrán yẹn gẹ́gẹ́ bí èyí àkọ́kọ́ nínú wọn. Lábẹ́ bàtà kọ̀ọ̀kan nínú àtòjọ, mi ò tilẹ̀ ní kọ bọ́tìnì kankan. Ṣe ni màá jẹ́ kí àwòrán àti orúkọ bàtà fúnra wọn ṣeé tẹ̀, torí bọ́tìnì 140 tó ń sọ ohun kan náà ariwo lásán ni. Ó tún burú jù fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí fóònù ń ka ojú-ewé sí létí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kí fóònù ka gbogbo bọ́tìnì tàbí gbogbo ìjápọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ̀ léra. "Rà á báyìí, rà á báyìí, rà á báyìí" ni yóò máa gbọ́, kò sì ní mọ èwo ni ti èwo. Bí orúkọ bàtà bá jẹ́ ìjápọ̀, orúkọ bàtà ni yóò gbọ́.

Lórí ojú-ewé bàtà, bọ́tìnì kan náà ni kó ní ipò méjì. Kí wọ́n tó yan sáìsì, kó máa sọ pé "Mú sáìsì", bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́, kó gbé ojú wọn lọ sí ibi tí sáìsì wà. Gbàrà tí wọ́n bá ti mú un, kó yí padà sí "Fi 42 sápẹ̀rẹ̀". Wo bí nọ́ńbà yẹn ṣe wọ inú ọ̀rọ̀: oníbàárà rí i pé a gbọ́ òun, ẹni tó ṣèèṣì tẹ 41 náà á rí àṣìṣe rẹ̀ kó tó pẹ́. Lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí òǹkà igun òkè dá ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Kí pátákó kékeré kan yọ láti ìsàlẹ̀ pé "42 ti wà nínú apẹ̀rẹ̀", pẹ̀lú bọ́tìnì méjì, "Lọ sídìí owó" àti "Máa wo bàtà". Èyí àkọ́kọ́ ni kó kún fún àwọ̀, èkejì kó jẹ́ ìlà lásán, kí ojú má baà ṣi ọ̀nà.

Bọ́tìnì ìkẹyìn pátápátá, èyí tí owó ń tẹ̀ lé, ni ibi kan ṣoṣo tí "rà" ti ní ẹ̀tọ́ láti jókòó, síbẹ̀ "Sanwó" ṣe kedere jù ú lọ. Bó o bá ń tà fún àwọn tó wà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀rọ̀ òfin tún ni. Òfin wọn 2011/83/EU, abala 8, sọ pé bó bá jẹ́ bọ́tìnì ni oníbàárà fi ń pàṣẹ ọjà, ó gbọ́dọ̀ hàn lára bọ́tìnì ọ̀hún láìfọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ pé títẹ̀ ẹ́ mú owó sísan lọ́wọ́. Bí kò bá hàn, àdéhùn náà kò de oníbàárà. "Parí ẹ̀" kò tó, "Tẹ̀ síwájú" kò tó. "Sanwó" tàbí "Pàṣẹ kí n sì sanwó" ló bá a mu.

Ní ti àkántì tí o ní kí wọ́n ṣí, ìtàn ọdún pípẹ́ kan wà tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Ní 2009, Jared Spool, tó ń ṣèwádìí nípa bí ìkànnì ṣe lè rọrùn lò, ròyìn ìkànnì ọjà ńlá kan tó ń ní kí oníbàárà forúkọ sílẹ̀ kó tó lè sanwó. Wọ́n mú bọ́tìnì ìforúkọsílẹ̀ kúrò, wọ́n fi bọ́tìnì "Tẹ̀ síwájú" rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kúkurú tó ní àkántì kì í ṣe dandan. Owó tó wọlé fún wọn lọ́dún àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà fi 300 mílíọ̀nù dọ́là lé sí i. Má ṣe retí mílíọ̀nù o, ìkànnì tìrẹ kò tó tiwọn. Àmọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé àwọn èèyàn ò wá láti bá ìkànnì dọ́rẹ̀ẹ́, bàtà ni wọ́n wá rà. Kọ "Sanwó láìṣí àkántì" sí iwájú, kó o wá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ àkántì lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé.

Èyí tó kàn yìí lèdè wa fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ fò ó. "Rà á", ta lò ń bá wí? Ọmọ ogún ọdún àti ìyá àádọ́rin ọdún ló ń wọ ojú-ewé kan náà. Bó o bá kọ "Mú sáìsì rẹ", ìyá yẹn lè má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ. Bó o bá wá sọ gbogbo rẹ̀ di "Ẹ rà á, ẹ mú un, ẹ sanwó", ó ti dà bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń lọ, pẹ̀lú igbá lórí. Bọ́tìnì á gùn, á tún máa bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń yọ nínú rẹ̀ nìyí: ẹnu oníbàárà ni mo ka bọ́tìnì sí. Òun ló ń sọ̀rọ̀, ilé ìtajà kọ́. Kí n tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kankan, màá fi "Mo fẹ́" ṣíwájú rẹ̀ kí n sì pè é jáde lẹ́nu. "Mo fẹ́ wo bàtà eré ìje" dán mọ́rán. "Mo fẹ́ fi 42 sápẹ̀rẹ̀" dára. "Mo fẹ́ lọ sídìí owó", ó ṣeé ṣe. "Mo fẹ́ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí báyìí", rárá, kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ bọ́tìnì lọ́nà yìí, mi ò nílò "rẹ" tàbí "yín" nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti yanjú ara rẹ̀ nìyẹn: "Mú sáìsì" tó, kò sí pé sáìsì ta ni. Bí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ bá wá pọn dandan, "mi" ló máa ń jẹ́, bíi "Fi tó mi létí". Ibi tí ilé ìtajà ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn nínú gbólóhùn kéékèèké tó yí bọ́tìnì ká, ni "ẹ" àti "yín" ti ní àyè: "Bí bàtà kò bá bá yín lẹ́sẹ̀ mu, ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ 30." Bí ìlérí ọjọ́ 30 yẹn bá jẹ́ òótọ́, má fi pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Abẹ́ bọ́tìnì "Fi sápẹ̀rẹ̀" ló ti wúlò jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba oníbàárà.

Àyẹ̀wò "Mo fẹ́" yìí náà ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ìwà kan tó ti wọ́pọ̀ lásìkò ẹ̀dínwó. O ti rí pátákó tó máa ń já lu èèyàn lójú pé kó fi adírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀dínwó 10%, tí bọ́tìnì kíkọ̀ ibẹ̀ sì máa ń sọ pé "Rárá, ó wù mí kí n máa ná owó púpọ̀ sí i". Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ò sọ ni wọ́n ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu, èébú sì ni. "Rárá, ẹ ṣeun" ni kíkọ̀ ọmọlúàbí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò, ibẹ̀ sì ni ọjà ìparí oṣù kọkànlá fi yàtọ̀ sí ọjà ojoojúmọ́. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń pè ní Bùláàkì Fúráìdè ló máa ń tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣáájú ọjọ́ 23, tí kì í sì í kọjá ọjọ́ 29. Ní 2026, ọjọ́ 27 ló bọ́ sí, Sáíbà Mọ́ńdè, ìyẹn Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, sì jẹ́ ọjọ́ 30. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni àwọn èèyàn á ti máa wá yọjú, lẹ́yìn ọjọ́ 30 náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ímeèlì rẹ á ṣì máa dé. Bọ́tìnì kan náà ni gbogbo wọn máa bá pàdé. Bí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kò bá yí padà, á purọ́ fún ẹni kan nínú wọn, ó di dandan.

Ẹni tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ṣáájú ọjà kò lè rí ẹ̀dínwó rà. Kí wá ni ohun tó lè ṣe? Ó lè ní kí o ránṣẹ́ sí òun. "Fi tó mi létí bó bá bẹ̀rẹ̀" ni bọ́tìnì rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wù ú kó ra bàtà ní iye owó tòní, jẹ́ kó rà á, má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, má ki ẹ̀dínwó bọ inú bọ́tìnì. Kọ ọ́ sí òkè, ní lẹ́tà ńlá, pé bàtà eré ìje ti fi 30% wálẹ̀, kí bọ́tìnì sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìdí ni pé 30% kì í sábà kan gbogbo bàtà, bọ́tìnì tó bá sì ní "Gba 30%" á di gbèsè sí ọ lọ́rùn bí ẹni náà bá dé ìdí owó tó bá 15%. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2022, iye owó àtijọ́ tí o bá fi ẹ̀dínwó wé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kéré jù tí o ti tà á, ó kéré tán láàárín ọjọ́ 30 tó ṣáájú ẹ̀dínwó náà. Ẹni tó fowó kún bàtà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá kó lè rí i gé ní ìparí rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin yẹn.

Wákàtí tó gbẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìwà hù. Lọ́dún kan, mo fẹ́ ra àpò ìrìnnà lórí ìkànnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Aago tó ń ka sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló kù. Mo dìde lọ mú káàdì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, mo tún ojú-ewé ṣí, aago náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa á dé. Òfin 2005/29/EC ti Yúróòpù ka pípa irọ́ pé ọjà kan kò ní pẹ́ lọ, kí èèyàn lè kánjú pinnu, mọ́ àwọn ìwà tí a kà léèwọ̀ láìsí àwáwí. Bó o bá fẹ́ dán aago tìrẹ wò, ṣí ojú-ewé rẹ ní ojú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tó jẹ́ tuntun, lẹ́yìn náà lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí iye tó kù kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, aago irọ́ ni.

Aago òtítọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó ń wò, ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ sọ àgbègbè àkókò tirẹ̀, torí òru ẹnì kan ni ọ̀sán ẹlòmíràn. Ohun tí mo sábà máa ń fi sí ojú-ewé kò ju báyìí lọ:

```js
const opin = new Date("2026-11-30T23:59:59Z");
const b = document.querySelector("#bot");
if (new Date() > opin) b.textContent = "Wo iye owó òní";
```

`Z` tó wà ní ìparí ló sọ pé UTC ni, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé. Bó o bá yọ ọ́ kúrò, fóònù oníbàárà kọ̀ọ̀kan á ka ọjọ́ náà sí ti ìlú tirẹ̀, ọjà rẹ á wá máa parí nígbà ogún. Rántí pẹ̀lú pé aago fóònù ẹlòmíràn ò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì nìkan ni kóòdù yìí ń yí padà, sáfà rẹ ni kó máa pinnu iye tí wọ́n máa san. Ní wákàtí ìkẹyìn yẹn, mi ò kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Ìlà abẹ́ rẹ̀ ni mò ń yí sí "Ó parí lálẹ́ òní, 23:59 UTC". Ẹni tó ti ń lo "Fi 42 sápẹ̀rẹ̀" láti àárọ̀ kò nílò kó rí i tó ṣàdédé di "KÁNJÚ!".

Bí 42 bá tán ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, bọ́tìnì rẹ kàn di eérú ni, ó ṣì ń sọ "RÀ Á BÁYÌÍ!!!" bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti kú. Bó o bá mọ̀ dájú pé 42 ń bọ̀, kó di "Fi tó mi létí bí 42 bá dé". Bí kò bá ní í dé mọ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kó o sì fi "Wo bàtà tó jọ ọ́ ní 42" rọ́pò rẹ̀. Sáìsì inú ìjápọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá gbé wọn lọ sí ibi tí 42 kò sí, ìjákulẹ̀ ti di méjì. "3 ló kù" náà dára bó bá jẹ́ pé inú ìwé ọjà rẹ ni nọ́ńbà náà ti ń jáde. Ṣáà rí i dájú pé ó ti yọ èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń sanwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Jẹ́ n yára sọ ti ìrísí rẹ̀. Lẹ́tà ńlá pátá kò gba èdè wa dáadáa, pàápàá lórí fóònù. "Ẹ́" ní àmì lókè, ó tún ní ti ìsàlẹ̀, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Yúníkóòdù tó gbé méjèèjì: ẹ jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn jẹ́ èkejì, fọ́ǹtì ló ń tò wọ́n léra. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnì tó fún jù á sì gé e lórí. Nígbà tí mo wo tìrẹ, "RÀ Á" ti di "RA A". Ìyẹn ti kúrò ní títà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ìpara ra ara.

```css
.bot { text-transform: none; line-height: 1.5;
       min-height: 48px; padding: 12px 20px; }
```

48 yẹn ni gíga tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ láìṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti àwọ̀, pupa tàbí àwọ̀ ewé, ohun tí mò ń wọ̀n ni bí lẹ́tà ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. WCAG, ìlànà àgbáyé tó ń mú kí ìkànnì ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, ní kó tó 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi. Lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ ọsàn tí o lò kò dé ibẹ̀, ìwọ náà wò ó nínú oòrùn.

Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ méjì síta lọ́jọ́ náà, kí ìdajì rí ọ̀kan, kí ìdajì rí èkejì, kó o wá mọ èyí tó tà jù. Iye èèyàn rẹ kò tó o. 60 nínú 9,000 kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kó o tó lè fi ìdánilójú rí i pé ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sí 90 nínú 9,000, tí kì í ṣe oríire lásán, o máa nílò nǹkan bí 12,000 èèyàn lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí 24,000 lápapọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ọjà á ti kọjá lọ kó o tó rí ìdáhùn.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kó o mú èèyàn márùn-ún tí kò mọ ojú-ewé rẹ rí, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Fi ìwé bo gbogbo ojú-ewé, kó ku bọ́tìnì nìkan, kó o bi wọ́n pé: "Bó o bá tẹ èyí, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Má ràn wọ́n lọ́wọ́, kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Bí ẹni méjì nínú márùn-ún bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn gan-an ni wàá gbé sórí bọ́tìnì.

Lọ́jọ́ ọjà, kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, kó má ṣe jẹ́ òkè nìkan lò ń kà. Bí 2,100 bá tẹ "Wo bàtà eré ìje" tí 300 péré sì ṣí bàtà kan, àtòjọ ló ń lé wọn, lọ wo èyí tó ṣáájú nínú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá tẹ "Mú sáìsì" tí wọn ò dé "Fi sápẹ̀rẹ̀", sáìsì ló tán tàbí kò yé wọn bí wọ́n ṣe ń yàn án. Bí wọ́n bá dé "Sanwó" tí wọ́n padà sẹ́yìn, má ṣe fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ bọ́tìnì rárá: lọ wo owó ìfiránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Má sì retí pé iye àwọn tó tẹ bọ́tìnì òkè á pọ̀ sí i. Ó lè dín kù, torí ẹni tí kò fẹ́ bàtà eré ìje kò ní í tẹ̀ ẹ́ mọ́. 60 yẹn ni kó o máa wò.